Kí ẹ tó tún gbé ráútà yín kiri ilé: bí a ṣe ń wá fèrèsé tó bá a mu

Ohun tí mo máa ń bá pàdé lọ́wọ́ àwọn tó ń pè mí wá wo ráútà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí nìyí. Dátà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ní aago 8 alẹ́. Inú á bí wọn, wọ́n á gbé ráútà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ sójú fèrèsé yàrá. Kò yí padà. Wọ́n á tún gbé e lọ sí kíṣìnì, wọ́n á sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dátà ń fò. "Áà, kíṣìnì ló dáa!" Ráútà á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí alẹ́ á fi tún fojú wọn rí nǹkan.

Kíṣìnì kọ́ ló ṣe é. Aago ló yí. Wọ́n yí ibi padà, àkókò náà sì yí padà, wọ́n wá gbé oríyìn àkókò fún ibi. Gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ yìí kò ju pé ká ya méjèèjì sọ́tọ̀: ká kọ́kọ́ mọ ohun tí aago ń ṣe, lẹ́yìn náà ká wá ibi tó dáa.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ráútà tàbí máífáì yín tó ń lo síìmù 4G. Bí kò bá ní bátìrì nínú, ẹ wá ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tó gùn dé gbogbo fèrèsé.
- Fóònù kan, àti kọ̀ǹpútà Windows fún ìdánwò Ìpele 1.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má sọ pé ẹ ó rántí. Ẹ ò ní rántí.
- Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, kì í ṣe wákàtí kan.

Ẹ so fóònù mọ́ ráútà, kí ẹ tẹ `192.168.8.1` síbi tí ẹ ti ń tẹ orúkọ ìkànnì. Tí kò bá ṣí, ẹ dán `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1` wò. Àdírẹ́sì náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà. Nínú ojú ewé yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Device Information` tàbí `Signal` sí. Nọ́ńbà mẹ́ta péré la fẹ́ níbẹ̀.

Èkíní ni `RSRP`, ìyẹn bí ohùn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dún tó nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àmì ìyọkúrò máa ń wà níwájú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà: -85 dára ju -105 lọ. Tó bá wà ní ìwọ̀n -80 sí -90, ó dáa. Ní -100, ó ṣì ṣeé fara dà. Tó bá ti burú ju -110 lọ, ráútà ń jìjàkadì nìyẹn. Bí nọ́ńbà yìí bá fi 3 sunwọ̀n sí i, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ti di ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ má fojú kéré 3 tàbí 4.

Èkejì ni `SINR`. Èyí ń sọ bí ohùn yẹn ṣe borí ariwo tó. Èèyàn lè pariwo sí yín létí láàárín ọjà Tákíé kí ẹ má gbọ́ ohun tó sọ, ó sì lè rọra sọ̀rọ̀ nínú yàrá kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tó bá tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa gan-an. Ní nǹkan bíi 10, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, wàhálà ni. Èmi fẹ́ràn nọ́ńbà yìí ju gbogbo ìlà àmì orí fóònù lọ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà àmì kì í ka ariwo sí.

Ẹ̀kẹta ni `Cell ID`, orúkọ ẹnu òpó tí ráútà yín so mọ́. Òpó kan sábà máa ń ní ẹnu mẹ́ta tó kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Bí ráútà yín kò bá fi nọ́ńbà kankan hàn, ẹ fi síìmù náà sínú fóònù Android, kí ẹ lọ sí `Settings`, `About phone`, `SIM status`. Ẹ ó rí agbára àmì ní `dBm` níbẹ̀. Ẹ ò ní rí `SINR`, àmọ́ ẹ lè fi wéra láti fèrèsé dé fèrèsé.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé Wai-Fai kọ́ ló ń dààmú yín

Ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín: láti òpó dé ráútà, àti láti ráútà dé fóònù. Fèrèsé ò lè tún èkejì ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí `cmd`, kí ẹ tẹ èyí, kí ẹ fi àdírẹ́sì ráútà tiyín sí i:

```
ping -n 20 192.168.8.1
```

Nínú yàrá tí ráútà wà, ìdáhùn yẹ kó padà láàárín `ms` díẹ̀ péré, kí `Lost` sì jẹ́ 0. Ẹ wá lọ jókòó síbi tí ẹ ti máa ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Tó bá di ọgọ́rùn-ún `ms` tàbí tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà, ògiri inú ilé ni ẹ̀ ń bá jà. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ wa burú fún èyí. Ògiri wọn nípọn bí nǹkan míì. Ẹ sún mọ́ ráútà kí ẹ tó máa bá ìdánwò lọ.

Ohun kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Àwọn ètò dátà kan tí wọ́n ń pè ní "aláìlópin" máa ń fa ìjánu fún ìyára dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo iye kan láàárín oṣù. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí: kì í yí. Ìdájí, ọ̀sán, alẹ́, fèrèsé iwájú, fèrèsé ẹ̀yìn, nọ́ńbà kan náà ni. Ohun tó bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe ìjánu.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yanjú:* níbi tí ẹ ti ń dán an wò, ìdáhùn ráútà ń yá, kò sì sí èyí tó sọnù.

Ìpele 2: Ẹ fi ráútà sílẹ̀ síbi kan, kí ẹ kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan

Ìpele tí gbogbo èèyàn ń fò nìyí. Ẹ má sún ráútà rárá. Ní aago 5 ìdájí, aago 2 ọ̀sán àti aago 8:30 alẹ́, ẹ kọ `RSRP`, `SINR`, `Cell ID`, kí ẹ sì wọn ìyára lẹ́ẹ̀kan lórí `fast.com` tàbí `speedtest.net`.

Lẹ́ẹ̀kan, mo ní. Ìwọ̀n ìyára ń jẹ dátà: tí ìyára bá jẹ́ 20 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ti jẹ 25 MB, ká má tíì sọ ti ìfiránṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti fi ìdánwò nìkan jẹ ìlàjì dátà ọ̀sẹ̀ tán.

Kí ló dé tí mo fi ní aago 5 ìdájí, tí mi ò sọ aago 1 òru? Torí pé wọ́n ń ta dátà òru lówó pọ́ọ́kú, àwọn tó ń wa fíìmù sílẹ̀ sì ń jí ní wákàtí yẹn. Tó bá fi máa di aago 5, ọ̀pọ̀ wọn ti sùn, àwọn tó ń jí lọ kírun tàbí lọ gbàdúrà ò sì tíì fọwọ́ kan fóònù.

*Ìdánilójú:* ìlà mẹ́ta wà nínú ìwé yín, ráútà ò sì kúrò lójú kan.

Ìpele 3: Ẹ ka ohun tí ìwé yín ń sọ

Ẹ fi kànga ẹ̀rọ àdúgbò wò ó. Páìpù tó wọlé yín lè tóbi, ẹ sì lè sún mọ́ táńkì. Tí ogójì ilé bá ṣí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á máa kán tó-tó ni. Ẹnu òpó kan ní ìwọ̀n ohun tó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ẹni tó so mọ́ ọn ló ń pín in. Lágbègbè tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, ẹ ó rí i pé tí wọ́n bá gba ìsinmi lọ sílé, dátà á padà bọ̀ sípò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nítorí náà, bí `RSRP` àti `Cell ID` bá wà bákan náà láti ìdájí dé alẹ́, tí ìyára sì já láti 30 sí 2, èrò ló pọ̀. Ohùn òpó ṣì ń dé ọ̀dọ̀ yín kedere. Àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ ló pọ̀ jù. `SINR` lè fi díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú, torí àwọn òpó tó wà nítòsí náà ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ ariwo létí yín.

Tí `Cell ID` bá yí, tí `RSRP` sì ṣubú, nǹkan míì ló ṣẹlẹ̀: ráútà yín ti bọ́ sórí ẹnu míì. Ẹ wò ó bóyá ó bá ìgbà tí iná lọ mu. Tí bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ òpó bá kú, gbogbo wa á fò mọ́ òpó tó tẹ̀ lé e, a ó sì jọ há síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ló ń burú, láàárín aago 1 sí 4, tí nọ́ńbà àmì ò yí, ẹ fọwọ́ kan ráútà náà. Ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fara dà. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lójú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kò bọ̀wọ̀ fún ìyẹn.

*Ìdánilójú:* ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé èrò ni, tàbí òpó tó ń yí, tàbí ooru. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ìpele 4: Ẹ dán gbogbo fèrèsé wò láàárọ̀ kan ṣoṣo

Aago 5 ìdájí sí aago 6, kí èrò tó dé. Ẹ gbé ráútà sí fèrèsé kìíní, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí ẹ ò bá pa á, ó lè rọ̀ mọ́ ẹnu òpó tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ti dáa jù ú lọ. Ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ kúrò níwájú rẹ̀, torí ara èèyàn ń dí àmì. Lẹ́yìn náà ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó di fèrèsé kejì.

Tí fèrèsé bá ní gíláàsì tó ń dán bíi dígí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tó wà ní títì, kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ tún un kọ. Irin tín-ín-rín wà lára ọ̀pọ̀ irú gíláàsì yẹn, ó sì ń dá àmì padà síta. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírọ́bà kò ṣe nǹkan kan. Ti wáyà ló yẹ kí ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé mi hàn yín. Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mo wà, lápá Tákíé. Láti fèrèsé iwájú, mò ń fojú rí òpó. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé:

- Fèrèsé iwájú: `RSRP` -83, `SINR` 15, ìyára 34 Mbps.
- Fèrèsé ẹ̀gbẹ́: `RSRP` -92, `SINR` 3, ìyára 11 Mbps.
- Fèrèsé ẹ̀yìnkùlé: `RSRP` -98, `SINR` 11, ìyára 17 Mbps, `Cell ID` míì.

Ẹ wo ti ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Ohùn òpó dún níbẹ̀ ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ, síbẹ̀ ìyára rẹ̀ kò tó ti ẹ̀yìn. Ìdí ni pé láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ráútà ń gbọ́ òpó méjì tí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bo èkejì lẹ́nu. Ní ẹ̀yìnkùlé, ilé fúnra rẹ̀ ló dúró gbọnin láàárín ráútà àti òpó iwájú. Bíríkì tí a ń bú pé ó ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe níbẹ̀: ó dí ariwo.

*Ìdánilójú:* fèrèsé méjì tí `SINR` wọn ga jù ti hàn nínú ìwé. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí `Cell ID` wọn yàtọ̀ síra.

Ìpele 5: Ẹ dán fèrèsé méjì yẹn wò lálẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Tí ẹ bá dúró lórí ìdánwò ìdájí, fèrèsé iwájú mi ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ alẹ́ ni mo máa ń fi fáìlì ránṣẹ́, n kì í ṣe iṣẹ́ ní aago 5.

Ní aago 8:30 alẹ́, fèrèsé iwájú fún mi ní 1.8 Mbps. Mo gbé e lọ sẹ́yìn, mo pa á, mo tàn án, mo dúró: 6.5. Mi ò gbà á gbọ́. Alẹ́ kejì, iwájú 2.1, ẹ̀yìn 5.9. Alẹ́ kẹta, iwájú 1.6, ẹ̀yìn 7.2. Òpó iwájú yẹn, gbogbo ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì ló so mọ́ ọn. Ẹnu òpó tó ń dé ẹ̀yìnkùlé mi jìnnà díẹ̀, àmọ́ èrò ibẹ̀ kò pọ̀. Kànga ẹ̀rọ kejì nìyẹn: páìpù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n omi wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi alẹ́ kan péré ṣe ìpinnu. Alẹ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà yàtọ̀, alẹ́ tí òjò rọ̀ náà yàtọ̀. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí àmì 4G láàárín òpó àti ilé yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ òpó ń fi àmì inú afẹ́fẹ́ kan tí ìgbì rẹ̀ kúrú gan-an bára wọn sọ̀rọ̀, òjò líle sì ń bà á jẹ́. Alẹ́ mẹ́ta tó ṣe déédéé tó.

Tí fèrèsé méjèèjì bá so mọ́ `Cell ID` kan náà, tí wọ́n sì jọ ń wọ́ lálẹ́, kò sí fèrèsé kankan nínú ilé yín tó máa wò ó sàn. Síìmù ilé iṣẹ́ míì ni kí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò fún alẹ́ kan, kí ẹ fi dán an wò. Ẹ má ra áńtẹ́nà ìta torí èyí. Áńtẹ́nà ń mú ohùn dún sókè ni, kì í lé èrò lọ.

*Ìdánilójú:* fèrèsé kan borí èkejì ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìpele 6: Ẹ wá ojú ibi tó dáa jù lójú fèrèsé náà

Àmì máa ń lu ògiri àti irin, á sì padà wá pàdé ara rẹ̀. Níbi kan wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọ́n á pa ara wọn. Lórí 1800 MHz, tí 4G ń lò púpọ̀, ìgbì kan gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ìdí nìyẹn tí ìdajì àtẹ́lẹwọ́ fi lè yí `SINR` padà. Ẹ sún ráútà ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 8, láti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú kan níbi kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́ níbí: nọ́ńbà tí ẹ rí kété tí ẹ gbé e kalẹ̀ lè jẹ́ ti ibi tí ẹ ti gbé e kúrò.

Ẹ dá a dúró, kí ẹ tún fi í dùbúlẹ̀. Ẹ sún un kúrò lára irin fèrèsé, ó kéré tán ìbú ọwọ́ kan. Ní tèmi, lójú fèrèsé ẹ̀yìn gan-an, ó ń fò padà sí òpó iwájú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àpótí kan, ní ìwọ̀n ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí apá òsì, lẹ́yìn ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, ló tó jókòó jẹ́ẹ́, `SINR` sì gòkè láti 11 sí 14.

*Ìdánilójú:* ẹ ka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. `Cell ID` ò gbọ́dọ̀ yí, `SINR` ò sì gbọ́dọ̀ fò ju 2 tàbí 3 lọ.

Ìpele 7: Ẹ fi í síbẹ̀

Tí oòrùn bá ń kan ibẹ̀, ẹ ta aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Aṣọ kì í dí àmì. Ẹ má fi ike tàbí náílọ́ọ̀nù wé ráútà nítorí eruku ọyẹ́, ooru á pa á. Ẹ má sì gbé e síta lábẹ́ páànù: páànù máa ń dí apá kan pátápátá, òjò á sì wá ṣe èyí tó kù.

Ẹ fi bírò fa ìlà yí ìdí ráútà ká lórí àpótí tàbí pákó tó wà. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbá ilẹ̀ tó sì sún un, ẹ ó mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà `Cell ID` tó dáa náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn. Nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì dé, tí dátà bá ń ṣe bákan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ti yàtọ̀, ẹ pa ráútà, ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ tàn án padà.